Gbólóhùn ìrísí kan fún gbogbo àwòrán ọjà yín: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń ta ọjà níwọ̀nba lórí Instagram àti WhatsApp, tí wọ́n sì ń lo ẹ̀rọ ayàwòrán bíi Midjourney tàbí ChatGPT, la kọ èyí fún. Àpẹẹrẹ tí a ó máa mú ni ti obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ dúdú àti òrí n'Íbàdàn. Àpẹẹrẹ lásán ni o, a ò bá ẹnikẹ́ni wí.

Kí ni ẹ ń pè ní gbólóhùn ìrísí?

Àṣẹ tí a ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ ayàwòrán ní apá méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dà wọ́n pọ̀. Apá kìíní ni ohun tí a fẹ́ rí: ọṣẹ, ike òrí, ọwọ́ tí ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀. Apá kejì ni bí a ṣe fẹ́ rí i: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, àwọ̀ ògiri ẹ̀yìn, bí kámẹ́rà ṣe ga tó, ibi tí a fẹ́ kó ṣófo kí a lè kọ nǹkan sí i. Apá kejì yìí ni gbólóhùn ìrísí. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń kọ ọ́. A ó fi pamọ́ sínú fóònù, a ó sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí gbogbo àṣẹ láì yí lẹ́tà kan padà. Ọṣẹ lè wà lórí tábìlì lónìí, kó jẹ́ òrí lọ́la, ṣùgbọ́n tábìlì yẹn náà ni, ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ni.

Ohun kan náà ni mo ń kọ ní gbogbo ìgbà, kí ló dé tí àwòrán mi kò fi jọra?

Ẹ yẹ ohun tí ẹ kọ wò, ẹ ó rí i pé ọjà nìkan ni ẹ ṣàlàyé. Ohunkóhun tí ẹ kò bá sọ, ẹ̀rọ yóò bá yín sọ ọ́, bó bá sì ṣe sọ ọ́ lónìí kọ́ ni yóò ṣe sọ ọ́ lọ́la. Ẹ ò sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá? Ó lè tọ̀tún wá, ó lè tòkè wá. Ẹ ò sọ irú ògiri? Ohun tó ti rí jù nínú àwọn fọ́tò irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni yóò gbé síbẹ̀. Fún ọṣẹ àti ìpara, ohun tó sábà máa ń gbé wá ni òkúta mábù funfun, ewé tútù méjì mẹ́ta àti táwẹ́ẹ̀lì tí a ká. Ìdí nìyẹn tí ọjà ẹlòmíràn tó ń ta ọṣẹ ní ìlú mìíràn fi ń jọ tiyín ju bí àwòrán yín ṣe ń jọ ara wọn lọ.

Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Látinú fọ́tò kan tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá èèyàn jiyàn jù. Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ látinú ọkàn wọn, wọ́n á ronú ilé olówó kan tí wọn kò ní, wọ́n á ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹ̀rọ, àwòrán náà á sì dára gan-an. Ìṣòro dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ojúlówó ọjà han oníbàárà. Fọ́tò fóònù wọn kò ní bá èyí tó ṣáájú mu rárá, nítorí kò sí ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò. Gbólóhùn ìrísí tó wúlò ni èyí tó ń ṣàpèjúwe ibi tí ẹ̀yin fúnra yín lè gbé ọjà kalẹ̀ sí, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Obìnrin inú àpẹẹrẹ wa ṣe é báyìí. Ó ra páálí ńlá kan, ó fi ọ̀dà tí kì í dán kùn ún ní àwọ̀ amọ̀, ó gbé e ti ògiri. Ó tẹ́ aṣọ funfun tó pọ́n díẹ̀ sórí tábìlì. Ó gbé tábìlì náà sí ibi tí fèrèsé yóò fi wà lápá òsì rẹ̀, ó sì yà á láàárín aago 8 sí 10 àárọ̀. Níbi tí oòrùn bá ti ń wọlé tààrà, kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí a fi bo fèrèsé kí òjìji má bàa le. Ó pa gílóòbù inú yàrá, ó sì pa fláàṣì fóònù. Gílóòbù yẹn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ti ojú ọjọ́ kò pọ́n, bí méjèèjì bá sì pàdé lára òrí, apá kan òrí yóò dà bí èyí tó ti bàjẹ́. Láńtánì oníṣájà tí a ń tàn nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ tún burú jù, nítorí tirẹ̀ ń ta búlúù.

Fọ́tò yẹn ló wá fi síwájú ara rẹ̀, tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ẹ fi gbólóhùn náà hàn wá.

Èyí tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

```
soft window light from the left, faint shadow to the right,
matte clay-brown wall, pale cream tabletop,
camera just above table height, upper third left empty,
small accent of deep indigo, plain natural photograph
```

Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láti òsì ló ṣáájú, nítorí òun ni ojú tètè máa ń mọ̀ bó bá yàtọ̀. Ìlà kejì jẹ́ ti ògiri àti tábìlì. Ìkẹta sọ pé kámẹ́rà ga ju tábìlì lọ díẹ̀, àti pé kí ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán ṣófo lókè kí a lè kọ iye owó tàbí orúkọ ọjà síbẹ̀. Ó fi àwọ̀ aró díẹ̀ kún un nítorí pé aró ni àwọ̀ òwò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ní kí ó rí bíi fọ́tò lásán, kó má jẹ́ àwòrán tí a fi ọwọ́ yà.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí ọṣẹ níbẹ̀, kò sí òrí? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ má fi ohun kan ṣoṣo dán an wò. Ẹ mú ohun mẹ́ta tí kò jọra rárá, kí ẹ lẹ gbólóhùn yẹn mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin wa mú mẹ́ta yìí:

```
a rough lump of dark brown handmade soap, one edge broken
an open round plastic tub of ivory shea butter
two hands of a Nigerian woman, dark brown skin, lathering soap
```

Ọṣẹ jáde dáadáa. Ògiri amọ̀, ìmọ́lẹ̀ láti òsì, kò sí àbùkù. Ti òrí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ìdérí ike di àwọ̀ aró, òrí fúnra rẹ̀ sì ní búlúù díẹ̀ létí, bí ẹni pé ó ti ń bu. Nínú àwòrán ọwọ́, apá aṣọ obìnrin náà ni aró náà lọ jókòó sí. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. A ní kí ó fi aró sí i, a ò sọ ibi tí yóò fi í sí. Àwọ̀ tí kò bá ní àyè tirẹ̀ nínú àwòrán, lára ọjà ni yóò gùn.

Ohun kejì tó bàjẹ́ wà nínú ìlà kẹta. `upper third left empty`: ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ sọ pé kí a fi òkè sílẹ̀ lófìfo, ṣùgbọ́n `left` tún jẹ́ òsì, nítorí náà nínú àwòrán méjì, igun òkè lápá òsì nìkan ló ṣófo, ọjà sì sún lọ sí ọ̀tún. Ohun kẹta ni pé àwòrán ọwọ́ kò sí lórí tábìlì mọ́, inú balùwẹ̀ ló lọ, pẹ̀lú táìlì funfun. Ọ̀rọ̀ pé ọṣẹ ń hó lọ́wọ́ ló fa balùwẹ̀ wá. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi gbólóhùn ìrísí o, apá kìíní la gbọ́dọ̀ tún ṣe: ó fi `over a clay bowl on the table` kún un, balùwẹ̀ sì pòórá.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:

```
soft window light from the left, faint shadow to the right,
matte clay-brown wall, pale cream tabletop,
edge of a folded plain indigo cloth at far right,
camera just above table height,
empty wall in the upper third, plain natural photograph
```

Aró ti ní ilé báyìí: aṣọ kan tí a ká, létí ọ̀tún. Òun náà gé aṣọ aró kan, ó gbé e sí apá ọ̀tún tábìlì tirẹ̀, kí fọ́tò fóònù lè ní in. Ó ní kí aṣọ náà má ní iṣẹ́ lára, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yóò da òbírípo àti òdòdó pọ̀ lọ́nà tí aláró Abẹ́òkúta kankan kò ní mọ̀ ní Ìbàdàndùn tàbí Olókun, àwọn oníbàárà tó mọ aṣọ yóò sì rí i kí wọ́n tó rí ọṣẹ.

Ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe. Bí ẹ bá yí mẹ́ta pa pọ̀ tí àwòrán sì dára sí i, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é, bó bá sì tún bàjẹ́, ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ máa dá padà.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Fún apá tí ẹ ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì máa ń gbọ́ jù, nítorí pé àlàyé tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ni. ChatGPT gbọ́ Yorùbá dé ìwọ̀n kan, ó sì lè bá yín túmọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kó tó ya àwòrán, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀la lè má bá tòní mu, ìyẹn gan-an ni a sì ń sá fún.

Ọṣẹ dúdú mi ń jáde dúdú kirikiri, ó ń dán bí ike. Gbólóhùn ìrísí ló fà á?

Rárá, orúkọ tí ẹ fi pè é ni. Bí ẹ bá tẹ `black soap`, ọṣẹ èédú tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin ni ẹ̀rọ mọ̀. Ọṣẹ dúdú tiwa pọ́n lọ sí dúdú, ó rọ̀, ó ń fọ́ ṣúnṣùn-ṣúnṣùn bí a bá bù ú, ara rẹ̀ kò sì dán. Ẹ ṣàpèjúwe bó ṣe rí, ẹ fi orúkọ sílẹ̀: `rough`, `dark brown`, `crumbly`, `one edge broken`. Bákan náà ni òrí. Bí ẹ bá tẹ `shea butter` nìkan, ó sábà máa ń di ìpara funfun tí wọ́n fi ṣíbí yí róbótó. Ẹ sọ pé `ivory`, ẹ sọ pé ó le díẹ̀, ẹ ní kí àmì àtàǹpàkò wà lójú rẹ̀. Àwọ̀ ara èèyàn náà, apá kìíní ni kí ẹ ti máa sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò máa funfun sí i láti àwòrán dé àwòrán.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni kò yẹ kó wà nínú rẹ̀?

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn: `beautiful`, `luxury`, `premium`, `stunning`. Wọn kò sọ ibi tí a máa gbé nǹkan sí, àwòrán olówó tó wọ́pọ̀ ni wọ́n sì máa ń fà wá, ẹ ó tún bá ara yín lórí mábù. `cinematic` àti `golden hour` lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á pọ́n gbogbo nǹkan títí kan òrí. Orúkọ ayàwòrán tó ṣì wà láàyè, ẹ má fi sí i. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ fi ta ọjà yẹn.

Ohun tí ẹ kò fẹ́ náà, ẹ má kọ ọ́ sínú gbólóhùn bíi `no leaves`, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, dídárúkọ ewé ti tó láti mú ewé wá. Midjourney ní àyè tirẹ̀ fún un lẹ́yìn àṣẹ, ìyẹn `--no`, tó tẹ̀ lé `--ar` tó ń sọ ìwọ̀n àwòrán:

```
--ar 4:5 --no leaves, flowers, marble, towel, text
```

`--sref` àti `--seed` ń kọ́? Ṣé wọn kò lè rọ́pò gbólóhùn yìí?

`--seed` kò lè rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ àwòrán ni. Bí àṣẹ bá wà bó ṣe wà, nọ́ńbà kan náà yóò mú àwòrán tó súnmọ́ ti tẹ́lẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi òrí rọ́pò ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ti yí nìyẹn. Ó wúlò fún ìdánwò: ẹ fi nọ́ńbà kan mọ́lẹ̀, ẹ yí ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó rí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe.

`--sref` lágbára jù ú lọ. Lórí Midjourney, ẹ lè fi àwòrán kan hàn án pé irú ìrísí yìí ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi `--sw` sọ bí yóò ṣe tẹ̀ lé e tó, láti 0 dé 1000. 100 ni ó máa ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Fọ́tò fóònù tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé fún un. Bí nǹkan inú fọ́tò náà bá bẹ̀rẹ̀ sí yọjú nínú àwòrán tí kò kàn án, bíi kí ọṣẹ fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrí, ẹ ti fún un ní àyè jù, ẹ dín `--sw` kù sí 50. Gbólóhùn ìrísí ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé `--sref` mọ àwọ̀ àti bí ara nǹkan ṣe rí dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi dandan rántí ibi tí ẹ fẹ́ kó ṣófo.

Lórí ChatGPT, ẹ gbé fọ́tò náà sínú ìjíròrò, kí ẹ sì lẹ gbogbo gbólóhùn náà síbẹ̀ lódindi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ pé kó ṣe é bíi ti àná. Bẹ́ẹ̀ ni ìrísí ṣe ń ṣá díẹ̀díẹ̀.

Mo ní kóòdù àwọ̀ tèmi. Ṣé kí n kọ ọ́ sí i?

Ẹ lè kọ `#2B2D6E`, àmọ́ ẹ má gbára lé e. Àwọ̀ inú àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji wà nínú rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Orúkọ àwọ̀ àti ohun tó wà lára rẹ̀, bí aṣọ tàbí ògiri, ni kí ẹ fún ẹ̀rọ. Kóòdù wà fún Canva, níbi tí ẹ ti máa kọ orúkọ ọjà àti iye owó sórí ògiri tó ṣófo yẹn. Ibẹ̀ ni àwọ̀ ti máa ń jẹ́ gẹ́lẹ́ ohun tí ẹ sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa kà, Canva ni kó ti wá. Ẹ̀rọ ayàwòrán ṣì máa ń ba àmì ohùn wa jẹ́.

Ṣé mo lè jẹ́ kí ẹ̀rọ ya ọjà mi fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ara ike?

Ẹ má ṣe é. Ìwé ara ike yẹn, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ bó ṣe wù ú, ó sì lè fi nọ́ńbà kan tí kò sí níbì kankan sí ibi tó yẹ kí nọ́ńbà NAFDAC wà. Ọṣẹ àti ìpara wà lábẹ́ NAFDAC, ẹni tó bá fi nọ́ńbà èké hàn kò ní lè sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ojú awọ tó dán lẹ́yìn lílo ọṣẹ, tí ẹ̀rọ ló yà á, irọ́ ni lójú oníbàárà, ẹ fi sílẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń pín in nìyí: ohun tí owó máa rà, fóònù ló ń yà á. Ohun tó ń bá a sọ̀rọ̀, bí ọwọ́, abọ́, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tàbí tábìlì tó ṣófo fún ìkéde, ẹ̀rọ lè yà á. Nítorí pé inú fọ́tò yín ni gbólóhùn ìrísí ti jáde, méjèèjì á dúró ti ara wọn láì sí ìjà. Meta tó ni Instagram àti WhatsApp náà máa ń fi àkọlé `AI info` sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bí ó bá mọ̀ pé ẹ̀rọ ló yà á, nítorí náà kí ó má jẹ́ orí ọjà gan-an ni àkọlé yẹn wà.

Ìwọ̀n wo ni kí n lò?

`4:5` fún Instagram, ìyẹn 1080 sí 1350, àti `9:16` fún Status WhatsApp. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni Instagram ti ń fi `3:4` to àwòrán sójú ewé ẹni, nítorí náà ó máa ń gé díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ wo etí ọ̀tún dáadáa: bí aṣọ aró yín bá tín-ín-rín jù, kò ní hàn níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa tètè rí èyí tó yapa?

Ẹ to àwòrán mẹ́sàn-án sójú fóònù, mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n kéré. Ẹ pa ojú dé díẹ̀. Èyí tí òjìji rẹ̀ kọjú sí òsì yóò yọ sí yín kí ẹ tó mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn òjìji, ẹ wo àwọ̀ ògiri, kí ẹ wá wo gíga kámẹ́rà: bí ẹ bá ń rí inú ike nínú ọ̀kan tí ẹ kò sì rí i nínú èkejì, kámẹ́rà ti ga sókè. Èyí tó bá yapa, ẹ tún un yà. Ẹ má fi filter Instagram wò ó sàn, òjìji kò ní yí padà.

Àwòrán mi yí padà lójijì, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà ti bọ́ sí ẹ̀dà tuntun. Lórí Midjourney, ẹ fi `--v` àti nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ ń lò sí ìparí àṣẹ kó má bàa sún láìsọ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ sí tuntun, àwọn ohun mẹ́ta tí ẹ fi dán an wò níjọ́sí ni kí ẹ tún fi dán an wò.

Ọdún Iléyá tàbí Kérésì ńkọ́? Mo fẹ́ kó yàtọ̀ díẹ̀.

Aṣọ etí ọ̀tún nìkan ni kí ẹ yí. Aṣọ pupa fún Kérésì, aṣọ funfun tó ní àwọ̀ ewé fún Iléyá. Ìmọ́lẹ̀, ògiri àti kámẹ́rà, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Àbúrò mi ló máa ń bá mi gbé àwòrán jáde. Kí ni kí n fún un?

Ẹ fún un ní gbólóhùn ìrísí náà nínú àkọsílẹ̀ fóònù tí kò ní lè ṣèèṣì tún kọ, fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn, ìlà `--no` àti `--v`, pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń ṣàpèjúwe ọjà kọ̀ọ̀kan, kó má bàa tún lọ tẹ `black soap`. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe àtúnṣe kẹ́yìn sókè rẹ̀. Bí òun bá sì ń fi fóònù tirẹ̀ ya ọjà, ẹ jẹ́ kó wá yà á níwájú páálí yẹn, lápá fèrèsé yẹn.